Láti Ìwé Ìlànà Ìmáàkì dé Ìlapa Èrò: Ìtàn àti Ìlò Àkíyèsí Olùkọ́ lórí Àròkọ Fìlọ́sọ́fì

Ìfáàrà

Ìlapa èrò kì í ṣe ohun àjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni olùkọ́ ti máa ń kọ ọ́ sí ojú pátákó: ìfáàrà, kókó kìn-ín-ní, kókó kejì, kókó kẹta, ìkádìí. Irú ìlapa bẹ́ẹ̀ wúlò fún àròkọ oníròyìn àti àròkọ aṣàpèjúwe. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì, àléébù kan wà lára rẹ̀: ó sọ iye ìpínrọ̀ tí àròkọ yóò ní, kò sì sọ iṣẹ́ tí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀lé e láìyẹsẹ̀, kí ó kó ohun tí Plato, Descartes àti Hume sọ jọ sí abẹ́ kókó mẹ́ta tí ó gún régé, kí ó sì rí i pé máàkì 52 ni wọ́n kọ sí orí ìwé òun, pẹ̀lú gbólóhùn kúkurú kan ní etí rẹ̀: 'Àlàyé lásán ni èyí.'

Akẹ́kọ̀ọ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí sábà máa ń yíjú sí ìwé ìlànà ìmáàkì tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi síta. Ó ka ohun tí ó wà níwájú máàkì 70 sókè, ó rí ọ̀rọ̀ bí 'òye tí ó jinlẹ̀', 'àgbéyẹ̀wò tí ó múná' àti 'èrò tí ó dá dúró', ó sì sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà di orí-ọ̀rọ̀ inú ìlapa rẹ̀. Ìlapa tuntun náà kì í sàn ju ti àtijọ́ lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó lè jókòó kí ó kọ ìpínrọ̀ kan tí a ń pè ní 'ìjinlẹ̀'. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìdí náà wà nínú ìtàn: kì í ṣe nítorí kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ àròkọ kọ ni wọ́n ṣe dá ìwé ìlànà ìmáàkì sílẹ̀, bí kò ṣe nítorí kí àwọn olùmáàkì má baà máa ta ko ara wọn. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀, inú àkíyèsí tí àwọn olùkọ́ ti kọ sí ara àròkọ àtẹ̀yìnwá ni ó wà, bí a bá mọ bí a ṣe ń kà á.

Ibi tí ìwé ìlànà ìmáàkì ti ṣẹ̀ wá

Ní Yunifásítì Ọ́sífọ́ọ̀dù, níbi tí púpọ̀ nínú àṣà kíkọ àròkọ fìlọ́sọ́fì lédè Gẹ̀ẹ́sì ti wá, akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbé àròkọ rẹ̀ lọ sí iyàrá olùkọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a sì máa kà á sókè fún un. Olùkọ́ a dá a dúró níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé e, a béèrè ìdí, a sọ ohun tí alátakò lè wí. Àròkọ tí wọ́n ń kà lọ́nà yìí kì í sábà gba máàkì kankan. Ìdánwò ìkẹyìn nìkan ni wọ́n ń fi lẹ́tà èdè Gíríìkì díwọ̀n, álífà, bítà, gámà, pẹ̀lú àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ìwé kan tí ó sọ ohun tí ó mú álífà yàtọ̀ sí bítà. Àwọn tí ó ń máàkì gbà pé àwọn mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ìgbàgbọ́ yìí ni ìwádìí Hartog àti Rhodes mì tìtì. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1935, wọ́n ròyìn bí wọ́n ṣe kó ìwé ìdánwò ìtàn 15 jọ, tí gbogbo wọn ti gba máàkì kan náà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìdánwò. Àwọn olùmáàkì tí ó mọṣẹ́, 14 ní iye, máàkì àwọn ìwé náà, wọ́n sì tún máàkì wọn lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ọdún kan, láìní àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fún wọn tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ìdájọ́ 210 tí èyí mú wá, 92 ni ẹni kan náà ti yí ìdájọ́ ara rẹ̀ padà lórí ìwé kan náà, bóyá láti àyege sí ìkùnà tàbí láti ìkùnà sí àyege tí ó lọ́lá. Olùmáàkì kò ta ko ẹlòmíràn nìkan. Ó ta ko ara rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Diederich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ ní 1961 pẹ̀lú àròkọ 300 àti òǹkàwé 53 tí wọ́n yàn láti inú onírúurú iṣẹ́, tí àwọn agbẹjọ́rò, àwọn olótùú ìwé àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wà nínú wọn. Wọn kò fún wọn ní ìlànà kankan. Wọ́n kàn ní kí wọ́n pín àwọn àròkọ náà sí ọ̀nà mẹ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dára sí. Àròkọ 101 ni ó gba gbogbo máàkì láti 1 dé 9, ìyẹn ni pé kò sí ibi tí ẹnì kan kò gbé e sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúlò jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn olùwádìí náà yẹ ohun tí àwọn òǹkàwé kọ sí ara ìwé wò, wọ́n sì rí i pé ẹgbẹ́ márùn-ún ni wọ́n pín sí. Èrò ni àwọn kan ń wò, àwọn kan ń wo ètò, àwọn kan ń wo ìfàmìsí àti sípẹ́lì, àwọn kan ń wo ìlò ọ̀rọ̀, àwọn kan sì ń wo adùn. Àkíyèsí etí ìwé ni ó fi ohun tí ó wà lọ́kàn olùmáàkì hàn, kì í ṣe máàkì tí ó fúnni.

Àtúnṣe tí àwọn ìgbìmọ̀ ìdánwò rí sí ìṣòro yìí ni kí wọ́n kọ ìlànà sílẹ̀ kí gbogbo olùmáàkì sì bá a mu. Àwọn tí ó ti bá ìgbìmọ̀ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ṣiṣẹ́ rí mọ ìpàdé ìṣọ̀kan tí ó máa ń ṣáájú ìmáàkì, níbi tí gbogbo wọn yóò ti máàkì ìwé kan náà, tí wọn yóò sì jiyàn títí ohùn wọn yóò fi ṣọ̀kan. Ìwé ìlànà tí wọ́n gbé dání kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fojú kàn kí ó tó kọ ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, tí oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù sì ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀ títí tí ó fi dá dúró ní 1962. Àárín olùkọ́ ní Ìbàdàn àti olùdánwò ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sí níbẹ̀.

Ní Bìrìtéènì, ẹ̀yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ Dearing ti 1997 ni fífi ìlànà ìmáàkì síta fún akẹ́kọ̀ọ́ di ohun tí gbogbo ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ń ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ohun ìkọ̀kọ̀ kò yẹ ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò yí padà tó bí ó ti yẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń bá ara wọn sọ, tí wọ́n ti jọ jiyàn lé lórí ogún ọdún, ni wọ́n mú jáde fún ẹni tí kò sí ní ìpàdé náà. Bí olùmáàkì bá rí 'àgbéyẹ̀wò tí ó múná', ojú ọ̀pọ̀ àròkọ tí ó ti kà rí ni ó máa ń wá sí i lọ́kàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí i, gbólóhùn ni ó rí.

Sadler, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Ọsirélíà, ti sọ kókó yìí ní 1989. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó gbọ́dọ̀ mọ òṣùwọ̀n tí ó ń lé, ó gbọ́dọ̀ lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wé òṣùwọ̀n náà, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe láti dí àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì. Ìwé ìlànà ìmáàkì kan ohun kìn-ín-ní nìkan, kò sì kàn án tán.

Ohun tí àkíyèsí ń sọ àti ohun tí kò sọ

Bí ìwé ìlànà kò bá tó, ṣé àkíyèsí olùkọ́ tó? Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ní etí ìwé méjì jẹ́ àrùn kan náà. Lea àti Street, tí wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní Bìrìtéènì ní 1998, mú àpẹẹrẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan wá tí ó kọ àròkọ ìtàn, tí olùkọ́ yìn ín, tí ó sì lọ kọ àròkọ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ènìyàn ní irú ọ̀nà kan náà, tí olùkọ́ sì sọ fún un pé kò ní ètò, kò sì ní ìjiyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé láàárín àròkọ méjì. 'Ètò' ni ó ní ìtumọ̀ mìíràn nínú iyàrá kejì.

Nínú fìlọ́sọ́fì, 'ètò' sábà máa ń túmọ̀ sí pé òǹkàwé kò mọ ìdí tí ìpínrọ̀ kan fi tẹ̀ lé òmíràn nínú ìjiyàn. Kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ìfáàrà wà tàbí kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi orí-ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i wo àìsàn yìí ti fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bákan náà, ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ lè jẹ́ àrùn kan ṣoṣo. Olùkọ́ kan lè kọ 'Kí ni ìdí?', òmíràn 'Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?', òmíràn 'Ó yá ọ jù', ẹ̀kẹrin a sì fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà láìsọ ohun kan. Ohun kan náà ni gbogbo wọn rí: òǹkọ̀wé ti sọ ohun tí ènìyàn lè kọ̀, kò sì ti ìdí kankan sí i lẹ́yìn. Nítorí náà, kò ṣe é ṣe láti ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ kí a sì rò pé a ti mọ àrùn. Gbólóhùn inú àròkọ tí olùkọ́ kọ àkíyèsí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ó ń sọ ìtumọ̀ àkíyèsí náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó da àkíyèsí kọ sí ojú kan tí kò da gbólóhùn náà kọ mọ́ ọn ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀.

Bí àwòṣe ṣe ń jáde

Kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àròkọ mẹ́rin lọ́wọ́ tí ó ti gbà padà, tí máàkì wọn jẹ́ 54, 56, 58 àti 61. Ìwé ìlànà ìmáàkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó ka ìwé ìlànà náà ní ìbú, kì í ṣe ní òró. Kí ó má ka gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ 70 nìkan. Kí ó gbé 50 sí 59 sí ẹ̀gbẹ́ 60 sí 69, kí ó sì béèrè ohun tí ó yí padà. Nínú ọ̀pọ̀ ìlànà fìlọ́sọ́fì, òye ọ̀rọ̀ wà ní ẹgbẹ́ méjèèjì. Ohun tí ó wọlé ní ẹgbẹ́ kejì ni ìdájọ́: òǹkọ̀wé kò ròyìn ìjiyàn mọ́, ó ń sọ bóyá ìjiyàn náà dúró. Láti ibẹ̀ dé 70, ohun tí ó tún máa ń wọlé ni pé òǹkọ̀wé gbé àtakò sí ara rẹ̀ ní ọ̀nà tí ó lágbára jù lọ, ó sì dá a lóhùn. Ìyàtọ̀ méjì yìí ni ìwé ìlànà ní láti sọ. Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé.

Lẹ́yìn èyí, kí ó da gbogbo àkíyèsí inú àròkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ, pẹ̀lú gbólóhùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá rìn. Bí wọ́n bá jẹ́ 19, ó lè rí i pé mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí, pé márùn-ún jẹ́ àlàyé tí kò kan ìbéèrè, pé mẹ́rin jẹ́ àtakò tí ó rọrùn jù láti ṣẹ́gun, àti pé méjì péré ni ó jẹ mọ́ èdè. Àwọn ìṣirò yìí kò ní ọlá kankan ju pé wọ́n fi ibi tí ìlapa gbọ́dọ̀ ti lágbára hàn. Ẹni tí àkíyèsí èdè bá pọ̀ jù nínú tirẹ̀ yóò ní ìlapa mìíràn.

Kí ó wá sọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan di ìbéèrè tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀, tí yóò dáhùn kí ó tó kọ àròkọ. Fún ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí, ìbéèrè náà ni: 'Ta ni kò ní gbà èyí, kí sì ni ó lè sún un láti gbà á?' Fún àlàyé tí kò kan ìbéèrè: 'Bí mo bá yọ ìpínrọ̀ yìí kúrò, apá wo nínú ìjiyàn mi ni yóò wó?' Bí kò bá sí ohun tí yóò wó, kí ó yọ ọ́. Fún àtakò tí ó rọrùn: 'Ṣé ẹni tí ó ni èrò yìí yóò gbà pé ohun tí òun ń sọ nìyí?' Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwòṣe. Wọ́n yàtọ̀ sí orí-ọ̀rọ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀rọ̀ lásán dí àyè wọn.

Ìwọ̀n tún wà. Kí ó ka iye ọ̀rọ̀ tí ó lò fún àlàyé ohun tí ẹlòmíràn sọ nínú àròkọ tí ó gba 54. Bí àròkọ náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ 2,000, tí àlàyé sì jẹ 1,300 nínú rẹ̀, a ti mọ ibi tí àyè ìdájọ́ lọ. Ìpín tí ó bọ́gbọ́n mu fún irú àròkọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 150 láti sọ ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, 450 fún àlàyé, 500 fún ìjiyàn tirẹ̀, 450 fún àtakò, 350 fún ìfèsì, àti 100 fún ìkádìí. Kì í ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i pé àlàyé òun ti kọjá 600 mọ̀ pé apá mìíràn ni òun ń jẹ lẹ́nu.

Àpẹẹrẹ kan: Gettier, 'mọ̀' àti 'gbàgbọ́'

Kí a mú ìbéèrè kan tí kò sí ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì tí kì í bi í: ǹjẹ́ Gettier fi hàn pé ìgbàgbọ́ tí ó jẹ́ òtítọ́ tí ó sì ní ẹ̀rí kì í ṣe ìmọ̀? Ìlapa àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò kọ kò ṣòroó mọ̀. Ìfáàrà lórí Plato, àpẹẹrẹ Gettier kìn-ín-ní, àpẹẹrẹ kejì, ohun tí Goldman sọ ní 1967, ìkádìí pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bí a bá bi í ní ìbéèrè kejì nínú àwòṣe, ohun tí yóò wó bí a bá yọ àpẹẹrẹ kejì kúrò, ìdáhùn rẹ̀ ni 'Kò sí'. Bí a bá bi í pé ta ni kò ní gbà ìkádìí rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè kọ̀ ọ́, nítorí kò sọ ohun kan.

Kí a wá kọ ọ́ ní ìlànà àwòṣe. Gettier, nínú bébà tí kò ju ojú-ìwé mẹ́ta lọ ní 1963, sọ ìtàn Smith àti Jones tí wọ́n ń wá iṣẹ́ kan náà. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti sọ fún Smith pé Jones ni yóò gba iṣẹ́ náà, Smith sì ti ka ẹyọ owó mẹ́wàá nínú àpò Jones. Smith fà á yọ pé ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà ní ẹyọ owó mẹ́wàá lápò. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Smith fúnra rẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ náà, ẹyọ owó mẹ́wàá sì wà nínú àpò tirẹ̀ láìmọ̀. Ohun tí ó gbà gbọ́ jẹ́ òtítọ́, ó ní ẹ̀rí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó mọ̀ ọ́n. Àlàyé parí níbí. Ó gba ọ̀rọ̀ tí kò tó 450, àpẹẹrẹ kan sì tó.

Níbo ni ìdájọ́ yóò ti wọlé? Ìbéèrè kìn-ín-ní nínú àwòṣe ni ó ṣí i: ta ni kò ní gbà pé Smith ní ẹ̀rí tí ó tó? Ìdáhùn kan wà nílé. Hallen àti Ṣódípọ̀, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ní Ifẹ̀, bá àwọn oníṣègùn ní agbègbè Èkìtì sọ̀rọ̀, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1986. Wọ́n ní àwọn oníṣègùn náà fi 'mọ̀' sọ́tọ̀ fún ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí tí ó sì yé e. Ohun tí ènìyàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí ẹni náà ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé tó, 'gbàgbọ́' ni, bí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti fi hàn: gbígbà ohun tí a gbọ́. Nípa òṣùwọ̀n yìí, Smith kò dé ibi ìmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni ó gbé ìdajì ìfàyọ rẹ̀ ró. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wá jiyàn pé àpẹẹrẹ Gettier gba ohun kan láìsọ ọ́: pé ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ lè sọni di ẹni tí ó mọ̀.

Ìlapa tí ó bá dúró níbí yóò gba 60 àti díẹ̀. Ó ní ìdájọ́, kò ní àtakò. Ìbéèrè kẹta nínú àwòṣe ní kí ó wá alátakò tí kì í ṣe ọmọdé. Èyí tí ó wà nítòsí jù ni pé bí ìmọ̀ bá mọ sí ohun tí a fi ojú rí, díẹ̀ péré ni ẹnikẹ́ni mọ̀; ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn yóò kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àtakò tí ó rọrùn ni. Èyí tí ó le wà nínú iṣẹ́ Chisholm ti 1966. Ẹnì kan wo pápá, ó rí ohun tí ó dà bí àgùntàn, ó sì sọ pé àgùntàn wà nínú pápá náà. Ajá ni ohun tí ó rí, ṣùgbọ́n àgùntàn kan wà ní ẹ̀yìn òkè kékeré tí ojú rẹ̀ kò tó. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ojú ara rẹ̀ wò. Kò sí àgbọ́sọ níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀ ìṣòro Gettier ti padà wọlé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìlapa nígbà tí àtakò yìí dé ni ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí. Ìfèsì kò lè jẹ́ pé 'mọ̀' bọ́ lọ́wọ́ Gettier pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀rọ̀ 150 àkọ́kọ́ kí ó dín in kù: kì í ṣe pé Gettier kùnà, bí kò ṣe pé àpẹẹrẹ rẹ̀ kìn-ín-ní kùnà fún ẹni tí ó ń lo òṣùwọ̀n 'mọ̀', tí ti Chisholm sì kàn án. Ó sì lè tún béèrè bóyá ẹni tí ó wo pápá náà rí àgùntàn ní tòótọ́, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ bá pàdé kì í ṣe òun. Ẹnu ọ̀nà kékeré ni èyí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Èrò rẹ̀ kéré sí i, ó sì ṣòro láti bì ṣubú ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn ìlapa tí kì í yí èrò òǹkọ̀wé padà kò tíì ṣiṣẹ́ wọn.

Ìdánwò àwòṣe àti ibi tí kò dé

Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ bóyá àwòṣe tọ̀nà wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú àròkọ tí ó gba 54, kí ó gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè inú àwòṣe láti inú àròkọ náà bí ó ti wà. Ibi tí kò bá ti rí ìdáhùn yẹ kí ó jẹ́ ibi tí olùkọ́ ti fi pẹ́ńsù kan. Bí olùkọ́ bá fi ọwọ́ kan ibi tí àwòṣe rò pé ó dára, ìbéèrè kan ṣì ń sọnù. Bí àwòṣe bá rí àlàfo tí olùkọ́ kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra: ó lè jẹ́ pé ìbéèrè náà kò wúlò, ó sì lè jẹ́ pé ó ti rẹ olùkọ́ nígbà tí ó dé ojú-ìwé kẹfà. Ìdákẹ́jẹ́ olùkọ́ kì í ṣe ìyìn. Àròkọ tí ó gba 61 sábà máa ń ní àkíyèsí díẹ̀ ju èyí tí ó gba 54 lọ, nítorí náà àwòṣe tí ó ti inú àkíyèsí nìkan jáde mọ bí a ṣe ń kúrò ní 54 dáadáa, kò sì mọ bí a ṣe ń kúrò ní 61. Ìdí nìyí tí a fi nílò ìyàtọ̀ kejì tí a yọ nínú ìwé ìlànà.

Àròkọ mẹ́rin kéré, ó sì lè jẹ́ pé olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó máàkì mẹ́ta nínú wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwòṣe náà jẹ́ àwòrán olùkọ́ yẹn, àwọn ìwádìí 1935 àti 1961 sì ti kìlọ̀ fún wa nípa ìyẹn. Àkíyèsí tí olùkọ́ méjì tí kò jọ sọ̀rọ̀ kọ sí irú gbólóhùn kan náà wúwo ju mẹ́fà láti ọwọ́ ẹnì kan.

Àwòṣe tí a yọ nínú àròkọ ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ kò sì bá gbogbo ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ka náà mu. Nínú iṣẹ́ lọ́jíìkì, tí ó jẹ́ pé ìfìdímúlẹ̀ ní ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn ni wọ́n ń béèrè, kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ 450 lórí àtakò. Nínú ẹ̀kọ́ lórí ìtàn fìlọ́sọ́fì, bí ìbéèrè bá jẹ́ pé kí ni Plato ní lọ́kàn nígbà tí ó ní kí àwọn onífìlọ́sọ́fì jọba, àlàyé gan-an ni ìjiyàn. Alátakò níbẹ̀ ni ẹni tí ó ka ojú-ìwé kan náà sí ìtumọ̀ mìíràn, ẹ̀rí sì ni gbólóhùn inú ìwé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ìpín 450 dí àlàyé lọ́nà níbẹ̀ yóò gba àkíyèsí tí kò gbà rí: pé ó yára dájọ́ ohun tí kò tíì kà tán. Kí ó da àkíyèsí náà kọ pẹ̀lú gbólóhùn tí ó bá rìn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ojú-ìwé tuntun fún ẹ̀kọ́ náà.